Adìẹ oní-fúláwà tí ẹ̀wù ẹ̀ ò ní bó: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí l'Ádó

Ẹ kú ilé o. Ado-Ekiti ni mo wà, lọ́nà Basiri, adìẹ ni mo máa ń dín fún àwọn tó ń ṣe òde kékeré, ọjọ́ ìbí, ìkómọ, irú ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bi mí jù ni pé àǹtí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí fúláwà tiyín kì í bó? Ẹnu ti ń ro mí, torí náà mo kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Adìẹ bróílà tí wọ́n gé, tí a ò tíì sè, tá a yí nínú fúláwà eléròjà, tá a wá dín nínú òróró gbígbóná, ìyẹn nìkan ni mò ń sọ. Àwọn tó ń po fúláwà lómi bíi ti àkàrà kí wọ́n tó ri adìẹ sínú ẹ̀, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, mi ò bá wọn dá sí i.

Kí ló ń fà á gan-an tí fúláwà fi ń bó lára adìẹ?

Omi ni. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa torí tí èyí bá ti yé yín, ìyókù ò le mọ́. Adìẹ lómi lára, tó bá wọ òróró, omi yẹn á di ooru, ooru yẹn sì gbọ́dọ̀ wá ibi gbà jáde. Tí fúláwà bá ti lẹ̀ mọ́ awọ pinpin, tí ò sì nípọn jù, ooru á gba àwọn ihò wínníwínní ara ẹ̀ jáde, òun náà lẹ ń rí tó ń hó yẹn. Àmọ́ tí omi bá ṣì wà láàárín awọ àti fúláwà, ooru á kóra jọ síbẹ̀, á gbé fúláwà sókè bí ọ̀dà ara ògiri tí omi ti wọ̀ lẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó fi fóòkù kàn án, ó ti ṣí.

Tí tiyín bá bó, ẹ má tíì sọ ọ́ nù o, ẹ yí èyí tó bó yẹn padà kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀, á sọ fún yín ohun tẹ́ ẹ ṣe. Tí inú ẹ̀ bá funfun tó ṣì jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, fúláwà yẹn ti pọ̀ jù, tàbí ẹ ò jẹ́ kó sinmi. Tó bá ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí ẹ̀kọ, omi ara adìẹ tàbí mílíìkì tá a máa ń rì í sí kó tó wọ fúláwà ló pọ̀. Tó bá jẹ́ pé awọ adìẹ gan-an ló bá fúláwà lọ, tí ẹran wá ṣẹ́kù níhòòhò, ìyẹn ni pé ó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ẹ wá fi ipá yí i kó tó jẹ́ àsìkò. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìwọ̀nyẹn, ẹni tó bá kàn ń fi fúláwà kún fúláwà nítorí pé ó bó, ńṣe ló ń dá kún un.

Nílé wa, a máa ń bọ adìẹ ká tó dín in. Ṣé kí n ṣì bọ̀ ọ́?

Mo mọ̀, ilé tèmi náà bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ tí màmá mi kọ́kọ́ rí i tí mo fẹ́ gbé adìẹ tútù sínú òróró, ẹgbẹ́ ìkòkò ni wọ́n dúró sí, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ lo fẹ́ fún wa jẹ lónìí. Àmọ́ fún fúláwà, bíbọ̀ ọ́ ló ń bà á jẹ́. Ẹ fọwọ́ kan adìẹ tútù tẹ́ ẹ ti nu gbẹ, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀, àbí? Ìlẹ̀mọ́ yẹn ni gọ́ọ̀mù. Ó máa dì pọ̀ mọ́ fúláwà nínú òróró, àwọn méjèèjì á di ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ti bọ adìẹ, gọ́ọ̀mù yẹn ti jinná dànù sínú omi, ara ẹ̀ á máa dán, ọ̀rá á máa jáde, kò sóhun tí fúláwà máa dì mú.

Bróílà ò nílò bíbọ̀ rárá, ọmọdé ni, ẹran ẹ̀ rọ̀, inú òróró ló máa jinná sí. Àmọ́ tó bá jẹ́ adìẹ tó ti yé ẹyin títí tó ti darúgbó, tàbí adìẹ ìbílẹ̀ tó ń sáré káàkiri àdúgbò, ẹ ò lè ṣàìbọ̀ ọ́, eyín yín lá á gbọ́. Fún ìyẹn, ẹ bọ̀ ọ́ kó rọ̀, ẹ sẹ́ omi ẹ̀ kúrò, ẹ tẹ́ ẹ sórí ajere kó tutù kí ara ẹ̀ sì gbẹ, ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ wá bu fúláwà lásán fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, ẹ rì í sínú ẹyin tẹ́ ẹ pò, ẹ wá yí i nínú fúláwà eléròjà. Ẹyin yẹn ló dípò gọ́ọ̀mù tó ti lọ. Nínú òróró, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà ti tó, torí ẹran ti jinná tẹ́lẹ̀, fúláwà nìkan lẹ̀ ń dín. Ó máa dáa, àmọ́ kò ní dì mú bíi ti tútù, mi ò ní purọ́ fún yín.

Inú fíríìsà ni adìẹ tèmi ti wá. Ṣé mo lè yí i ní fúláwà bó ṣe ń yọ́ lọ́wọ́?

Rárá o. Èyí tó bá ṣì ní yìnyín nínú, ẹ̀gbẹ́ egungun ni yìnyín yẹn máa ń sá sí, tó bá dé inú òróró ló máa yọ́, omi ẹ̀ á wá fúláwà yín bọ̀. Ẹ gbé e sínú fíríìjì láti alẹ́. Tí kò bá sí iná, ẹ mọ̀ bí tiwa ṣe rí, ẹ di láílọ́ọ̀nù ẹ̀ pa dáadáa kẹ́ ẹ rì í sínú omi tútù, ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kílò méjì á yọ́ láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹ má tẹ́ ẹ sínú oòrùn.

Tẹ́ ẹ bá ń rà á lọ́jà Bísí tàbí ibikíbi, ẹ wo ìdí láílọ́ọ̀nù. Tí omi pupa bá ti dì síbẹ̀ gbagidi, ó ti yọ́ ó ti tún dì rí nìyẹn, irú ẹ̀ máa ń da omi púpọ̀, èmi kì í fi ṣe oní-fúláwà, ọbẹ̀ ni mò ń fi í sè.

Ṣé kí n fi omi àti iyọ̀ fọ̀ ọ́?

Ẹni bá fẹ́ fọ̀ ọ́ kó fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ nínú bọ́ọ̀lù, kó má tan ẹ̀rọ omi lé e lórí kó máa ta sára abọ́, torí kòkòrò àrùn ara adìẹ ló ń ta káàkiri yẹn. Ohun tó kàn mí ni pé kẹ́ ẹ nù ún lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ fi tíṣù tó nípọn nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan, abẹ́ awọ, kọ̀rọ̀ apá, gbogbo ibi tí omi ń sá pamọ́ sí, títí tíṣù ò fi ní tutù mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fo ibí yìí, ibí yìí náà ni wàhálà wọn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà wo ni kí n fi iyọ̀ àti èròjà sí i, sára adìẹ ni àbí sínú fúláwà?

Méjèèjì, àmọ́ iyọ̀ gbọ́dọ̀ tètè dé ara adìẹ. Tẹ́ ẹ bá fi iyọ̀ pa á, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ máa rí i tó ń làágùn, iyọ̀ ló ń fa omi jáde. Tẹ́ ẹ bá yí i ní fúláwà nígbà yẹn, ẹ gbé e. Tẹ́ ẹ bá ní sùúrù, tó bá tó wákàtí mẹ́rin, ó máa fa omi oníyọ̀ yẹn padà sínú, ẹran á dùn dé egungun, ìta ẹ̀ á sì gbẹ. Láti alẹ́ mọ́jú ló dáa jù. Nínú fíríìjì ni o, kẹ́ ẹ ṣí i sílẹ̀ ní wákàtí tó kẹ́yìn kí atẹ́gùn gbẹ awọ ẹ̀.

Fún kílò méjì, ṣíbí tíì mẹ́ta iyọ̀ àti mágì méjì tó kúnná ni mo máa ń lò, ata gígún àti kọ́rì díẹ̀. Atalẹ̀ àti aáyù tútù tẹ́ ẹ lọ̀, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ṣàkàṣàkà ẹ̀ tó bá dúró lórí awọ máa ń jóná ó sì ń gbé fúláwà kúrò lára. Ẹ fún omi ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ lo omi yẹn nìkan, tàbí kẹ́ ẹ lo ti lẹ́búlẹ́bú.

Fúláwà wo, kí ni mo sì máa dà pọ̀ mọ́ ọn?

Fúláwà lásán kọ́ọ̀pù mẹ́ta, kọ́nfúláwà kọ́ọ̀pù kan, bekin-páúdà ṣíbí tíì kan àtààbọ̀. Iyọ̀ ṣíbí tíì kan, ata gígún méjì, aáyù lẹ́búlẹ́bú méjì, táìmù tẹ́ ẹ fọwọ́ rún kan. Ó tó fún kílò méjì, kódà ó máa ṣẹ́kù.

Kọ́nfúláwà ló ń jẹ́ kó ké kàràkàrà. Fúláwà nìkan máa ń le lọ́jọ́ náà, tó bá fi máa tó wákàtí kan ó ti ń fà bí awọ, torí ohun tó ń jẹ́ kí búrẹ́dì fà ló wà nínú ẹ̀. Kọ́nfúláwà ò ní in. Ẹ má wá sọ pé kẹ́ ẹ lo kọ́nfúláwà nìkan o, á funfun, á sì máa tú bí ẹ̀rún. Bekin-páúdà ń fi afẹ́fẹ́ kékeré sínú ẹ̀ kó fúyẹ́, tẹ́ ẹ bá fi pọ̀ jù, á máa korò lẹ́nu bí ọṣẹ.

Kò sí kọ́nfúláwà. Ṣé mo lè lo gààrí, ẹlùbọ́, tàbí sítáàṣì?

Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tó jẹ́ ti jíjẹ dáa gan-an, iye kan náà. Fúláwà ìrẹsì náà dáa. Ẹlùbọ́ iṣu rárá, mo ti dán an wò, ó dúdú kí adìẹ tó jinná, àwọn ọmọ mi ní ṣé èédú ni màmá fi yí i. Gààrí tẹ́ ẹ lọ̀ kúná, ṣíbí ìjẹun méjì péré nínú ẹ̀ máa ń jẹ́ kó ró lẹ́nu, àmọ́ tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ eyín á máa gbọ́ òkúta.

Ẹyin ni àbí mílíìkì?

Èmi máa ń lo mílíìkì tó kan. Mílíìkì olómi inú agolo ìdajì kọ́ọ̀pù, omi ìdajì kọ́ọ̀pù, ṣíbí ìjẹun kan omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á kan, á ki díẹ̀. Ẹ fọ́ ẹyin kan sí i kẹ́ ẹ pò ó. Yọ́gọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà náà dáa tẹ́ ẹ bá fi omi là á. Èyí tó bá ní ṣúgà, ẹ jìnnà sí i, ṣúgà á pọ́n kíá, ẹ máa rò pé ó ti jinná, ẹ gé e, inú ẹ̀ ṣì ń wò yín.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó ro. Ẹ gbé adìẹ kúrò nínú mílíìkì, ẹ dì í mú lókè títí á fi ro tán, ìwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ máa fi ka ẹní, èjì dé mẹ́wàá. Awọ gbọ́dọ̀ tutù ni, kò gbọ́dọ̀ máa ṣàn.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, kó yé mi.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ n fi ti ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe àpẹẹrẹ, ní Ìwòròkò. Kílò méjì, itan bróílà. Mo gé ìdí itan yàtọ̀ sí ẹsẹ̀, ó jẹ́ méjìlá. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo nù ún tí mo fi iyọ̀ àti èròjà pa á. Ní aago méjìlá ọ̀sán Sátidé, mo gbé e jáde, mo tún fi tíṣù kan àwọn ibi tó ṣì ń tutù.

Mo da fúláwà sínú ọpọ́n fífẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi àfi ìgbà tí mo ṣèèṣì ṣe é rèé: mo bu ṣíbí ìjẹun mẹ́ta nínú mílíìkì kíkan yẹn, mo wọ́n ọn sínú fúláwà gbígbẹ, mo fọwọ́ rún un bíi ká máa rún gààrí tó dì. Ó di hóró hóró wẹ́wẹ́. Àwọn hóró yẹn ló máa ń dúró gbágungbàgun lára adìẹ tẹ́ ẹ̀ ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní ilé oúnjẹ ńlá.

Ọwọ́ òsì fún mílíìkì, ọwọ́ ọ̀tún fún fúláwà, kí ìka má di àkàrà. Mo ri ẹyọ kan, mo jẹ́ kó ro, mo gbé e sínú fúláwà, mo bu fúláwà bò ó lórí, mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Títẹ̀ ni o, kì í ṣe yíyí kiri. Mo yí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo tẹ̀ ẹ́, mo ṣí awọ díẹ̀ mo tẹ abẹ́ ẹ̀. Mo gbé e sókè mo gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí èyí tí ò lẹ̀ já bọ́. Ìgbà kan péré ni. Àwọn kan máa ń rì í sínú mílíìkì padà kí wọ́n tún yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó máa nípọn lóòótọ́, ó sì máa tètè ṣí.

Mo tò wọ́n sórí wáyà tí wọ́n fi ń yan ẹja, wọn ò fara kan ara wọn. Mo lọ gbọ́ tiwọn níta, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo dé, funfun ẹ̀ ti lọ, ó ti rí bí amọ̀ tí ìrì sẹ̀ sí. Ibi méjì mẹ́ta tó ti tutù jù, mo bu fúláwà lé e mo tẹ̀ ẹ́. Mo tan gáàsì. Òróró lítà mẹ́ta nínú ìkòkò tó jìn, kò tó ìdajì ìkòkò. Mẹ́rin mẹ́rin ni mo fi dín in, ọ̀nà mẹ́ta. Ó kù díẹ̀ kó pé wákàtí kan tí mo fi parí, nínú méjìlá, ẹyọ kan ló ṣí níbi kékeré, ẹsẹ̀ tí ọmọ kan fi fóòkù gún kí n tó ní kó yí i.

Kí ni sísinmi yẹn ń ṣe? Mi ò ní àkókò.

Fúláwà gbígbẹ ò lè lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá ti jẹ́ kó jókòó, ó máa fa omi ojú awọ yẹn, á di lẹ́ẹ̀. Omi tó fẹ́ di ooru tó máa ṣí i, òun náà ló wá sọ ọ́ di gọ́ọ̀mù. Mo kà á sí idán. Tí àkókò bá há gan-an, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má dín in kù. Àǹfààní mìíràn ni pé fúláwà tí ò lẹ̀ máa ń já sínú òróró, á jóná sísàlẹ̀, òróró á dúdú, èyí tẹ́ ẹ máa dín tẹ̀ lé e á máa korò.

Àmọ́ tó bá ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yí i, ó tún ti di nǹkan mìíràn, fúláwà á rọ̀ jù, á di ẹ̀kọ. Ẹ má yí i láti àná.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òróró ti gbóná tó? Mi ò ní tẹmómítà.

Ẹni tó bá ní in, 175 sẹ́ńtígíréédì kó tó wọlé. Adìẹ á fà á wálẹ̀ sí bíi 155, ẹ wá máa tọ́jú ẹ̀ láàárín 155 sí 160 títí á fi jinná. Ẹni tí ò ní in, ẹ ti ìdí ṣíbí onígi bọ inú òróró, tí ìfófó wẹ́wẹ́ bá ń hó jáde yí i ká láìdáwọ́ dúró, ó ti tó. Tàbí kẹ́ ẹ ju búrẹ́dì kékeré sí i, kó pọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá pọ́n kẹ́ ẹ tó ka ogún, ó ti gbóná jù. Tó bá ń rú èéfín, ẹ pa iná, kò ṣe é dín nǹkan nísinsìnyí.

Tí kò bá gbóná tó, fúláwà á máa mu òróró dípò kó dì, á wúwo, á ṣí. Ìdí tí mo fi ń sọ pé mẹ́rin mẹ́rin nìyẹn o, tẹ́ ẹ bá kó méjìlá sínú ẹ̀ pọ̀, òróró á tutù lójijì, ṣe lẹ máa rí i tí híhó ẹ̀ dákẹ́. Ó ti di bíbọ̀ nìyẹn, òróró lẹ fi ń bọ̀ ọ́. Ẹni tó ń fi igi dáná, ẹ fa igi kan jáde bó bá ti ń gbóná jù, ẹ tì í padà tẹ́ ẹ bá ti kó òmíràn sí i, ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ dilẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó ń dì lọ́wọ́ ni. Tó bá ti dì, ó máa yọ fúnra ẹ̀ kúrò nídìí ìkòkò, ẹ fi ohun tó ń mú nǹkan bí ẹ̀mú yí i, kì í ṣe fóòkù, ihò fóòkù náà ni ooru ń gbà ṣí i. Ẹsẹ̀ àti ìdí itan gba ìṣẹ́jú mẹ́tàlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, apá gba bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Etí náà ń ṣiṣẹ́ níbí: níbẹ̀rẹ̀ híhó ẹ̀ máa ń pariwo bí òjò lórí páànù, tó bá ń jinná lọ, omi ń tán, ariwo á lọ sílẹ̀, ìfófó ẹ̀ á kéré. Tí mo bá ti gbọ́ ọ kó rọlẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti ń tó.

Ẹ má fi ọmọdé sẹ́bàá ẹ̀ o. Tí òróró bá gbiná, ẹ má bu omi sí i, ẹ pa gáàsì kẹ́ ẹ fi ọmọrí bò ó.

Mo gé e, ẹ̀gbẹ́ egungun pupa. Kò tíì jinná ni?

Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Egungun bróílà kò tíì gbó, àwọ̀ inú mùdùnmúdùn ẹ̀ máa ń jáde, pàápàá èyí tó ti wọ fíríìsà, ó máa pupa bó ti wù kó jinná tó. Ẹ wo ẹran gan-an: tí omi tó ń jáde bá mọ́, tí ẹran ò dán bí rọ́bà mọ́, tó ń ya kúrò lára egungun, ó ti jinná. Ẹni tó ní tẹmómítà, kó dé 74 níbi tó nípọn jù, láìkan egungun, ìyẹn ni kò ní àríyànjiyàn.

Ó ké nígbà tó jáde, lẹ́yìn wákàtí kan ó ti rọ̀. Kí ló dé?

Ibo lẹ kó o sí? Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ìkómọ kan ní Ìjerò, mo dín ogójì ẹyọ, ó dáa débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀. Mo kó gbogbo ẹ̀ gbígbóná sínú kúlà ńlá, mo dé e pa, mo gbé e sẹ́yìn mọ́tò. Ìgbà tá a débẹ̀ tí mo ṣí ọmọrí, omi ń ro lára ọmọrí tó! tó! tó! lé adìẹ lórí. Àwọn tó wà lókè ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì, àwọn tó wà nísàlẹ̀, fúláwà wọn ti lẹ̀ mọ́ ìdí kúlà, ẹran nìkan ni mò ń fà jáde. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́, ojú ń tì mí.

Ooru ń jáde lára adìẹ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tó ti kúrò lórí iná. Ẹ tò ó sórí wáyà, kì í ṣe sórí tíṣù nínú àwo, torí abẹ́ ẹ̀ náà ń mí, kẹ́ ẹ má sì tò ó lé ara wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ síbì kan, ẹ jẹ́ kó sinmi bí ogún ìṣẹ́jú ná, ẹ kó o sínú páálí tẹ́ ẹ tẹ́ pépà sí, ẹ dá ihò sí páálí lára. Ìgbà òjò máa ń yọ mí lẹ́nu ju ìgbà ọyẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ ti tutù, ó ń wọ̀ ọ́. Fún òde, mo máa ń dín in lẹ́ẹ̀mejì: ti àkọ́kọ́ kó jinná, kó sinmi, ti ẹ̀ẹ̀kejì nínú òróró tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, 190, ìṣẹ́jú méjì péré, nígbà tí àlejò bá ti ń jókòó. Ìyẹn máa ń pẹ́ kó tó rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó kọjá wákàtí méjì níta láìjẹ ẹ́ o, adìẹ ni.

Fúláwà tó ṣẹ́kù ńkọ́? Òróró ńkọ́?

Fúláwà, ẹ dà á nù, adìẹ tútù ti fara kàn án. Mo mọ̀ pé fúláwà wọ́n. Torí náà ẹ máa bu díẹ̀díẹ̀ sínú ọpọ́n, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìyókù wà nínú ike ẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Òróró, tó bá ti tutù, ẹ fi asẹ́ tàbí aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ lè tún fi dín adìẹ lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá ti dúdú, tó ń hó fóòmù, tàbí tó ń rú èéfín kó tó gbóná, iṣẹ́ ẹ̀ ti parí.

Ó ṣẹ́kù dọ̀la. Báwo ni mo ṣe máa gbé e gbóná kó tún ké?

Máíkírówéèfù ò ṣe é, á rọ̀ ọ́ pátápátá. Ẹ gbé e jáde nínú fíríìjì kẹ́ ẹ má bò ó fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ wá gbé e sínú ófìnì lórí wáyà, 180, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí kò bá sí ófìnì, ẹ fi iyanrìn gbígbẹ tàbí iyọ̀ sí ìdí ìkòkò onírin tó nípọn, ẹ gbé nǹkan tó ga díẹ̀ sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ to adìẹ sórí agbada kékeré lé e, ẹ dé e láìfún un pa, iná kékeré. Bí àwọn tó ń fi ìkòkò yan kéèkì ṣe ń ṣe é ni. Tí màmá mi bá rí mi báyìí wọ́n á ní ṣé adìẹ náà lò ń tọ́jú bí ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n àwọn náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ sí èyí tó bá ń ró.